Bí A Ṣe Ń Fẹ́ Ìyàngbò Kúrò Lára Ọ̀rọ̀ Tí A Kọ

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, bàbá tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa gbé ìkéde kan wá bá mi nílé. Wọ́n fẹ́ fi í ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo ilé, wọ́n sì ní kí n bá àwọn wò ó bóyá àmì ohùn rẹ̀ pé. Àmì ohùn pé. Ohun tí wọ́n kọ rèé:

"Ẹ̀yin onílé àti ayálégbé wa, mo fẹ́ lo àǹfààní yìí láti fi tó yín létí pé, látàrí òtítọ́ tó wà níbẹ̀ pé ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga àdúgbò wa ti bàjẹ́, ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ti ṣe ìpinnu láti ṣe àtúnṣe rẹ̀ kí ó ba lè ṣeé ṣe fún gbogbo wa láti lè máa rí omi lò. Nítorí ìdí èyí, a ń fi àkókò yìí rọ olúkúlùkù ilé kọ̀ọ̀kan láti san iye owó tó tó 5,000 náírà ṣáájú kí ó tó di ọjọ́ Sátidé tó jẹ́ ọjọ́ 12, oṣù Ọ̀wàrà. Ní àkókò tí iṣẹ́ àtúnṣe náà bá ń lọ lọ́wọ́, kò ní sí omi fún odidi ọjọ́ méjì gbáko."

Ọ̀rọ̀ 108 ni. Mo kà á tán, mo bi wọ́n pé, "Bàbá, ta ni a máa san owó náà fún?" Wọ́n wo ìwé wọn, wọ́n tún un wò. Kò sí níbẹ̀. Ìkéde tó gùn tó báyìí gbàgbé láti sọ ẹni tó máa gba owó, bàbá tó kọ ọ́ kò sì rí i pé òun gbàgbé, torí ọ̀rọ̀ ti kún ojú ìwé débi pé èèyàn máa rò pé gbogbo nǹkan ló wà níbẹ̀.

Bí àgbẹ̀ bá lu ọkà tán, ó ní láti fẹ́ ẹ. Ara ọkà ni ìyàngbò ti wá, òun àti ọkà jọ wà lórí igbá kan náà ni, ṣùgbọ́n kò ṣeé jẹ. Irú rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ tí a kọ. Bí a ṣe ń dá a mọ̀ kò le: ẹ fi àtàǹpàkò bo ọ̀rọ̀ tí ẹ fura sí, kí ẹ ka ìyókù sókè sétí ẹlòmíràn. Bí ẹni náà kò bá pàdánù ohunkóhun, tí kò sì béèrè nǹkan kan, ìyàngbò ni ohun tó wà lábẹ́ àtàǹpàkò yín. Bó bá béèrè ìbéèrè, ẹ gbé àtàǹpàkò kúrò, ọkà ni. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé lẹ́yìn èyí dá lórí ibi tó yẹ ká gbé àtàǹpàkò náà lé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìyàngbò ti pọ̀ jù, ìyẹn ibi tí a bá ti ń sọ ìdí. Yorùbá ní "nítorí". Ọ̀rọ̀ kan ni, ó sì tó. A ní "torí" fún ẹni tó ń yára, a sì ní "látàrí" pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n nínú ìròyìn tí wọ́n tú láti inú Gẹ̀ẹ́sì, "nítorí òtítọ́ náà pé" ni ẹ máa bá pàdé, tàbí "látàrí òtítọ́ tó wà níbẹ̀ pé" bíi ti bàbá. Ibi tó ti wá kò fara sin. Gẹ̀ẹ́sì ọ́fíìsì ní àpólà ọlọ́rọ̀ márùn-ún kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju iṣẹ́ "nítorí" lọ, ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ márùn-ún náà ló sì túmọ̀ sí òtítọ́. Ẹni tó ń túmọ̀ rí ọ̀rọ̀ márùn-ún, ó rò pé "nítorí" nìkan kò lè dọ́gba pẹ̀lú wọn lórí ìwọ̀n, ló bá mú òtítọ́ kún un. Òtítọ́ wo? Ta ló jiyàn pé ẹ̀rọ omi kò bàjẹ́? Létí Yorùbá, ẹni tó bá ń tẹnu mọ́ òtítọ́ ń dá ẹnì kan lóhùn tó ti pè é ní onírọ́. Nítorí náà, kì í ṣe pé "òtítọ́" yẹn kò wúlò nìkan, ó tún ń gbé ìjà tí kò sí wọnú ìkéde omi.

Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti ń bá a jà tipẹ́. Ní 1948, ìjọba Bìrìtìkó tẹ ìwé kékeré kan tí Sà Ernest Gowers kọ jáde, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lè máa kọ lẹ́tà tí ará ìlú á gbọ́. Ní 2010, Amẹ́ríkà sọ ọ́ di òfin pé kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ máa kọ ìwé tó bá wà fún ará ìlú lọ́nà tó yéni. Àwa tí a ń tú ìwé ọ́fíìsì wọn sí Yorùbá ṣì ń kó ìyàngbò tí àwọn fúnra wọn ń fẹ́ dànù.

Nínú ẹbí "nítorí" kan náà, àsọtúnsọ wà tí kò ti ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. "Nítorí ìdí èyí" jẹ́ ọ̀kan. Iṣẹ́ "nítorí" ni láti sọ ìdí, kí wá ni ìdí ń wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? "Nítorí náà" tó, "ìdí nìyí" sì tó. Ẹ mú ọ̀kan. Ìkejì ni "Ìdí tí mi ò fi wá ni nítorí pé ara mi ò yá". Níbí náà, ẹ fi àtàǹpàkò bo "nítorí": "Ìdí tí mi ò fi wá ni pé ara mi ò yá." Kò sí ohun tó sọnù. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì kúrò níbẹ̀, torí èdè wa ní ọ̀nà kan tó dára ju méjèèjì lọ, tí ẹnikẹ́ni máa ń lò bó bá ń sọ̀rọ̀ ní ọjà, tí ó sì ń gbàgbé bó bá ti gbé bírò: "Ara mi ni ò yá tí mi ò fi wá." "Òjò ni ò jẹ́ kí n wá." "Nítorí" kò sí nínú rẹ̀ rárá, síbẹ̀ ìdí hàn kedere. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, "ni", ló gbé ìdí síwájú. Kí ẹ má kàn fi kún gbogbo gbólóhùn, torí ohun tí "ni" bá gbé síwájú ló ń pariwo, bí gbogbo gbólóhùn bá sì ń pariwo, a ò ní mọ èyí tó ṣe kókó.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tó rọrùn jù lọ: ẹ to ohun méjèèjì tẹ̀ léra, kí ẹ fi "sì" so wọ́n. "Ẹ̀rọ ti bàjẹ́, ìgbìmọ̀ sì ti pinnu láti tún un ṣe." Ta ni kò ní mọ̀ pé ti àkọ́kọ́ ló fa ti ìkejì?

Ibi kejì tí mo gbé àtàǹpàkò lé nínú ìkéde bàbá ni ibi tí wọ́n ti ń sọ ohun tí iṣẹ́ náà wà fún: "kí ó ba lè ṣeé ṣe fún gbogbo wa láti lè máa rí omi lò". Ẹ kà á dáadáa. "Lè" ti wà nínú "ba lè". "Ṣeé ṣe" tún sọ ohun kan náà. "Láti lè" wá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ọ̀rọ̀ 15 ni, ohun tó sì wà nínú rẹ̀ kò ju èyí lọ: "kí gbogbo wa lè máa rí omi lò", ọ̀rọ̀ mẹ́jọ.

Gẹ̀ẹ́sì tún lọ́wọ́ nínú èyí. Wọ́n ní àpólà ọlọ́rọ̀ mẹ́ta kan tí a ń tú sí "láti", ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́ inú rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́ kankan. Bí ẹ bá pa méjì yẹn rẹ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì, gbólóhùn á ṣì dúró lọ́pọ̀ ìgbà. Ìtumọ̀ olóòótọ́ wọn ni "láti" ṣoṣo, àmọ́ olùtumọ̀ tí ẹ̀rù ń bà pé òun fo nǹkan a kọ "láti lè", a kọ "kí ó lè ṣeé ṣe láti", a kọ "pẹ̀lú èrò àti lè".

Ohun tó yẹ kí akọ̀wé mọ̀ níbí ni ìgbà tó yẹ kó lo "láti" àti ìgbà tó yẹ kó lo "kí". Bó bá jẹ́ pé ẹni kan náà ló ṣe iṣẹ́ méjèèjì, "láti" ló máa ń bá a mu: "Mo jí ní kùtùkùtù láti kàwé." Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló máa ṣe ìkejì, "kí" ni: "Mo jí ní kùtùkùtù kí ọmọ mi lè tètè dé ilé ìwé." Èmi ni mo jí, ọmọ ló máa dé ilé ìwé. Ọ̀pọ̀ àpólà gígùn ló ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí akọ̀wé kò dá ẹni tó ń ṣe nǹkan mọ̀, tó wá fi "ó" tí kò ní olúwa bẹ̀rẹ̀, "kí ó lè ṣeé ṣe fún". Ẹ bi ara yín pé ta ló fẹ́ ṣe é, kí ẹ fi orúkọ ẹni náà sẹ́yìn "kí", àpólà náà á sì kúrú fúnra rẹ̀.

Nígbà mìíràn, "láti" pàápàá kò wúlò, ohun tó sì dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Yorùbá lè to ọ̀rọ̀-ìṣe tẹ̀ léra láìfi ohunkóhun so wọ́n. "Ó lọ sí ọjà láti ra ẹ̀fọ́" dára. "Ó lọ ra ẹ̀fọ́ lọ́jà" ló ń jáde lẹ́nu èèyàn. "Wọ́n wá láti kí wa": "wọ́n wá kí wa". "Ẹ pè mí láti bá mi sọ̀rọ̀": "ẹ pè mí, kẹ́ ẹ bá mi sọ̀rọ̀". Lẹ́yìn "lọ" àti "wá", ẹ máa ń yọ "láti" kúrò wò, ẹ máa rí i pé gbólóhùn á dún bí ohùn èèyàn.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, torí méjèèjì kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ọ̀kan náà. Bí mo bá gbọ́ pé "ó lọ ra ẹ̀fọ́ lọ́jà", mo máa retí ẹ̀fọ́ nínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí mo bá gbọ́ pé "ó lọ sí ọjà láti ra ẹ̀fọ́", èrò tó gbé dé ọjà ni mo mọ̀; ó ṣeé ṣe kí ẹ̀fọ́ ti tán. Nítorí náà, bí ẹ bá ń kọ ìròyìn pé àwọn ọlọ́pàá lọ sí ilé kan láti mú ẹnì kan, tí wọn kò sì bá a nílé, "láti" yẹn kì í ṣe ìyàngbò. Ẹni tó bá gé e ti mú ọkùnrin náà fún wọn.

Ibi kẹta ni "ṣe". Bàbá kọ "ti ṣe ìpinnu láti ṣe àtúnṣe rẹ̀". Ọ̀rọ̀-ìṣe wà lọ́wọ́ wọn, "pinnu" àti "tún ṣe", ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ọ̀rọ̀-orúkọ, wọ́n wá ní láti wá "ṣe" mìíràn tó máa gbé e. Ó wọ́pọ̀ lónìí: ṣe ìrànlọ́wọ́ fún dípò ràn lọ́wọ́, ṣe àmúlò dípò lò, ṣe àgbéyẹ̀wò dípò yẹ̀ wò. Àwọn tó ń kọ ọ́ gbà pé ó ní iyì ju ọ̀rọ̀-ìṣe lásán lọ. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. "Ìjọba ṣe ìrànlọ́wọ́ fún àwọn àgbẹ̀" ń jẹ́ kí ìjọba dúró lókèèrè. Nínú "ìjọba ran àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́", ọwọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ìdí gidi kan tún wà tí àwọn akọ̀wé fi ń sá fún ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí, ó sì yẹ ká sọ ọ́, torí kì í ṣe àléébù nìkan. "Tún ṣe", "ràn lọ́wọ́", "yẹ̀ wò": méjì-méjì ni wọ́n, ohun tí a ń ṣe iṣẹ́ náà sí sì máa ń wọ àárín wọn. Bí nǹkan yẹn bá kúrú, kò sí wàhálà: "tún un ṣe", "tún ẹ̀rọ ṣe". Ṣùgbọ́n ẹ ka èyí: "Ìgbìmọ̀ máa tún ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga àdúgbò wa tó wà lẹ́yìn ilé ìwé ṣe." Kí ẹ tó dé "ṣe", ẹ ti gbàgbé pé "tún" ń dúró dè é. Níbí, "máa ṣe àtúnṣe ẹ̀rọ tó ń fa omi" rọrùn fún ẹni tó ń kà á, ẹ jẹ́ kó dúró. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń sọ orúkọ gígùn nínú gbólóhùn kan, kí n wá fi "un" tàbí "rẹ̀" rọ́pò rẹ̀ nínú èyí tó tẹ̀ lé e, kí ọ̀rọ̀-ìṣe náà lè padà sí ipò rẹ̀.

Àwọn míì wà tí "ṣe" ti yí ìtumọ̀ wọn padà. "Wọ́n pàdé" lè jẹ́ pé wọ́n fojú kanra lójú ọ̀nà. "Wọ́n ṣèpàdé" ni pé wọ́n jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó "gbéyàwó" ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ọ̀kan, ayẹyẹ ni nínú "ṣe ìgbéyàwó". Àtàǹpàkò ló máa sọ fún yín: bí ẹ bá yọ "ṣe" tí ìtàn sì yí padà, ẹ dá a padà.

Lẹ́yìn ibi mẹ́ta yìí, gbólóhùn àkọ́kọ́ bàbá ti di: "Ẹ̀yin onílé àti ayálégbé wa, ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga àdúgbò wa ti bàjẹ́, ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ sì ti pinnu láti tún un ṣe." Ó jẹ́ ọ̀rọ̀ 56 tẹ́lẹ̀, ó ti di 24. "Mo fẹ́ lo àǹfààní yìí láti fi tó yín létí pé" ti lọ: ìkéde ni, ẹni tó ń kà á ti mọ̀ pé a ń fi nǹkan tó òun létí. Mo tiẹ̀ gé "kí gbogbo wa lè máa rí omi lò" tí mo ti fi kún àpẹẹrẹ lókè, torí kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí ẹ̀rọ omi wà fún.

Gbólóhùn kejì ni mo pẹ́ sí jù. "Olúkúlùkù ilé kọ̀ọ̀kan" rọrùn: olúkúlùkù àti kọ̀ọ̀kan ń ṣe iṣẹ́ kan náà, a yọ ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé "iye owó tó tó 5,000 náírà", mo dúró. Mo ní, "Bàbá, ṣé 5,000 géérégé ni, àbí ẹni tó bá lágbára lè san jù bẹ́ẹ̀ lọ?" Wọ́n ní géérégé ni, kí ẹnikẹ́ni má san lé, kó má sì dín. "Tó tó" kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kà á lè rò pé owó náà kò gbọ́dọ̀ dín sí 5,000, ẹlòmíràn lè rò pé nǹkan bíi 5,000 ni. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin kún un kó lè dún bí ìwé ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ mẹ́rin náà sì sọ ohun tí wọn kò ní lọ́kàn. Mo gé e di "5,000 náírà".

"Ṣáájú kí ó tó di ọjọ́ Sátidé" náà ní tirẹ̀. "Ṣáájú" àti "kí ó tó" jẹ́ ìbejì, ọ̀kan tó. Ṣùgbọ́n èyíkéyìí tí mo bá fi sílẹ̀, ìbéèrè kan kò kúrò nílẹ̀: ṣé wọ́n á gba owó ẹni tó bá san án lọ́jọ́ Sátidé fúnra rẹ̀? Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ ìpàdé ni, akápò á wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn kì í ṣe "kó tó di Sátidé" rárá, "ó pẹ́ jù, Sátidé" ni. Ibẹ̀ náà ni akápò ti wọnú ọ̀rọ̀, ẹni tí a ti ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀.

Gbólóhùn kẹta ní "odidi ọjọ́ méjì gbáko". Odidi àti gbáko jọ ń sọ pé ọjọ́ náà pé. Mo fẹ́ fi "gbáko" sílẹ̀ torí ó dùn létí, kí n tó bi wọ́n pé ọjọ́ méjì wo. Wọ́n ní Mọ́ńdeè àti Túsìdeè tó máa tẹ̀ lé Sátidé yẹn. Bí a bá ti dárúkọ ọjọ́, kò sí ohun tí odidi tàbí gbáko tún ń ṣe, ìyàwó ilé tó ń kà á sì ti mọ ọjọ́ tó yẹ kó pọn omi sílẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ báyìí, gan-an, gbáko, pátápátá, máa ń dúró sí ibi tó yẹ kí ohun kan pàtó wà. Bí mo bá rí wọn, mo máa ń kọ́kọ́ wá nǹkan náà kí n tó gé wọn.

Nǹkan kan tún wà tó jẹ́ kí iye ọ̀rọ̀ náà kan àpò ẹgbẹ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn àgbàlagbà tí fóònù wọn kò gba Wáásáàpù. Ẹyọ àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba lẹ́tà 160 bó bá jẹ́ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lásán. Bí ẹ, ọ tàbí ṣ kan ṣoṣo bá ti wọ inú rẹ̀, ó di 70, torí àwọn lẹ́tà yìí kò sí nínú àkójọ kékeré tí fóònù kọ́kọ́ ń lò, gbogbo ìwé náà á bọ́ sí àkójọ ńlá tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti ń gba àyè jù. Àmì ohùn tó bá wà lórí ẹ tàbí ọ sì máa ń gba àyè tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbowó lé. Bàbá ní bóyá kí àwọn kúkú yọ gbogbo àmì àti ẹsẹ̀ lẹ́tà kúrò, kí owó lè dín. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe é. Nínú "ki ile kookan san" tí kò ní àmì, ilé ni, àbí ilẹ̀? Ẹni tó ní ilẹ̀ mẹ́ta tí kò tíì kọ́ ilé sí fẹ́ mọ̀. Ìyàngbò ni ká gé, kì í ṣe lẹ́tà.

Mo gé àgéjù níbì kan, bàbá sì dá mi dúró. Mo ti yọ "wa" kúrò lẹ́yìn "ayálégbé", mo sì ti sọ "a ń rọ" di "kí ilé kọ̀ọ̀kan san". Wọ́n kà á sókè: "Ẹ̀yin onílé àti ayálégbé... kí ilé kọ̀ọ̀kan san..." Wọ́n ní, "Ọmọ mi, èyí ti dà bí ìwé ilé ẹjọ́. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ nísàlẹ̀ yẹn máa rò pé mo ń bá òun jà." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àtàǹpàkò ń sọ bóyá ìròyìn sọnù, kò lè sọ bóyá ọ̀wọ̀ sọnù. Láàárín wa, ìkíni wà lára iṣẹ́ tí ìkéde wá ṣe. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí béèrè owó láìkí èèyàn kò tíì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. A dá "wa" padà, a fi "ẹ jọ̀ọ́" síwájú owó, bàbá sì fi ìkíni kan kún un tí kò sí nínú ìwé wọn tẹ́lẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ míì wà tí àtàǹpàkò lè tan èèyàn jẹ lórí wọn, pàápàá fún ẹni tó ń kọ ìròyìn. "Wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó jalè" gùn ju "ó jalè" lọ, ẹni tó bá sì ń wá ìyàngbò lójú méjèèjì lè rò pé ibẹ̀ wà. Kò sí níbẹ̀. Ẹ̀sùn ni a mọ̀, a kò mọ olè. Ilé ẹjọ́ ló máa sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni "a gbọ́ pé", "bóyá", "gẹ́gẹ́ bí ohun tí alága sọ". Wọ́n ń sọ bí ìmọ̀ wa ṣe jinlẹ̀ tó, ẹni tó bá gé wọn ti búra lórí ohun tí kò rí. Ẹ sì má fọwọ́ kan "kíákíá" tàbí "díẹ̀díẹ̀" torí pé ó dà bí àwítúnwí. Ìlànà èdè ni, "díẹ̀" kan àti "díẹ̀díẹ̀" kì í ṣe ohun kan náà.

Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ohun tí bàbá akọ̀wé fi ránṣẹ́ láti orí àga ìyẹ̀wù mi nìyí, ọ̀rọ̀ 60, tí ìkíni, akápò àti orúkọ ọjọ́ tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti wà nínú rẹ̀:

"Ẹ̀yin onílé àti ayálégbé wa, ẹ kú àsìkò yìí o. Ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga àdúgbò wa ti bàjẹ́, ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ sì ti pinnu láti tún un ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, kí ilé kọ̀ọ̀kan san 5,000 náírà fún akápò, ó pẹ́ jù, ní Sátidé, ọjọ́ 12, oṣù Ọ̀wàrà. Kò ní sí omi ní Mọ́ńdeè, ọjọ́ 14, àti Túsìdeè, ọjọ́ 15."